Ẹsẹ̀ Julianah àti Abẹ́rẹ́ Tí Kò Lópin

Julianah Ọdúntán pé ọmọ ọdún mọ́kànlélógójì lóṣù tó kọjá, ní ọdún 1976 yìí. Aṣọ ló ń tà, ó ń gbé e láti Iléṣà lọ sí Òṣú àti Ẹ̀sà-Òkè. Ṣùgbọ́n láti ìgbà Àjíǹde ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń kú, bí ẹni tó ń tẹ òwú. Kò lè jókòó sójú kan. Á dìde, á tẹjú mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kó má baà ṣubú, á rìn dé ẹnu ọ̀nà, á tún padà.

Amẹ́ríkà, níbi tí ọkọ rẹ̀ ti kàwé, ni wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún un lọ́dún 1971, nígbà tí sísanra kò jẹ́ kó lè gun àtẹ̀gùn mọ́. Oríṣi méjì ni wọ́n là yé e. Nínú èkíní, wọn kì í fọwọ́ kan àpòlúkù. Ìfun tó pọ̀ ni wọ́n ń yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí oúnjẹ kì í gba ibẹ̀ kọjá mọ́. Ìgbẹ́ gbuuru kì í fi àwọn tó ṣe é sílẹ̀, ẹ̀dọ̀ àwọn mìíràn sì ń bàjẹ́. Julianah yan èkejì. Wọ́n pín àpòlúkù rẹ̀, wọ́n sì so apá kékeré tó wà lókè mọ́ ìfun. Láti ìgbà náà, àkàrà méjì ti ń yó o. Bó bá mu ògì tí ṣúgà pọ̀ nínú rẹ̀, àyà rẹ̀ á máa lù kìkì, òógùn á bò ó.

Wọ́n kìlọ̀ fún un pé abẹ́rẹ́ oṣooṣù àti oògùn ẹ̀jẹ̀ kò ní í dópin. Nígbà tó délé lọ́dún 1973, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Phebe, ọmọ ìjọ Aládùúrà tí kì í fi oògùn kan ẹnu, ní kó kó gbogbo rẹ̀ dànù, kó máa mu omi àdúrà. Ó gbà. Ọdún mẹ́ta kọjá, ara rẹ̀ le. Ó rò pé ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ ti parí.

Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wá ń kú, ó lọ sí ọsibítù tó wà lórí òkè, Dókítà Béjidé sì fi ẹnu abẹ́rẹ́ gún àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò mọ̀ ọ́n lára. Dókítà wo ahọ́n rẹ̀, ó pupa, ó ń dán.

“Màmá, fítámìn kan wà nínú ẹran àti ẹja. Oje inú àpòlúkù ló ń jẹ́ kí ìfun rí i gbà. Oúnjẹ yín kì í gba ibi oje yẹn kọjá mọ́. Èyí tó wà nípamọ́ nínú ẹ̀dọ̀ lẹ ti ń jẹ látọjọ́ yìí. Ó ti tán.”

“Ẹsẹ̀ mi ńkọ́?”

“Fítámìn yẹn ló ń mú iṣan ìmọ̀lára ẹsẹ̀ yín ṣiṣẹ́. Tẹ́ ẹ bá ń gba abẹ́rẹ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ lè padà díẹ̀díẹ̀. N ò lè ṣèlérí gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá tún dáwọ́ dúró, ẹ ò ní í rìn mọ́.”

Ó gba abẹ́rẹ́ kan lọ́jọ́ náà; ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni yóò máa gbà á ná, kó tó di oṣooṣù. Phebe ti jókòó dè é nílé.

“O ti fi Ọlọ́run sílẹ̀ nìyẹn.”

“Ẹ̀gbọ́n mi, awò ojú yín ńkọ́, tẹ́ ẹ fi ń ka Bíbélì?”

“Awò kì í ṣe oògùn. Ojú ló ń ràn lọ́wọ́.”

“Ikùn mi tí wọ́n pín lèyí náà ń ràn lọ́wọ́. Oúnjẹ ni. Ọ̀nà ẹnu ni kò lè gbà wọlé mọ́.”

Phebe bọ́ awò rẹ̀, ó fi etí ìró nù ún, ó tún nù ún.

“Ta ni yóò mú ọ lọ́wọ́ gun òkè ọsibítù yẹn?”

“Ẹ̀yin kúkú ni. Ẹ má gbàgbé awò yín.”

Julianah tún dìde, ó ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọjọ́rú tó ń bọ̀, láàárọ̀, ni abẹ́rẹ́ kejì.