Àwọn Tó Kọ̀wé nípa Ewì Bàbá Ọmọ́lẹ́yẹ

Ìṣirò ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ wa ní Ìpele. N kì í ka ewì. Bí ẹ bá ní kí n ka ewì kan lórí kí ẹ tó fún mi lóúnjẹ, ebi ni yóò pa mí sùn. Ṣùgbọ́n mo mọ Adéfúnkẹ́, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Gbọ́lá. Yorùbá ló ń kọ́ni. Tábìlì rẹ̀ àti tèmi kọjú síra nínú yàrá olùkọ́, nítorí náà ojú mi ló ṣe bó ṣe ń bá ìwé tó fẹ́ fi gboyè ọ̀mọ̀wé wọ̀yá ìjà.

Akéwì kan ní Ute ni ìwé náà dá lé, Bàbá Ọmọ́lẹ́yẹ. Ìwé méjì tí bàbá yìí kọ́kọ́ kọ gbajúmọ̀ dáadáa, wọ́n kà wọ́n ní ilé-ẹ̀kọ́ nígbà kan. Nígbà tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ó padà sílé, ó kọ mẹ́ta sí i. Èdè Ọ̀wọ̀ tí à ń sọ nínú ilé ló fi kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lẹ́yìn náà ló dákẹ́, kò sì kọ nǹkan kan mọ́ títí ojú rẹ̀ fi fọ́. Àwọn ìwé ìkẹyìn yìí ni Ìyá Gbọ́lá mú.

Orí kejì ló há sí. Ẹni tó bá ń kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní láti kọ́kọ́ gbé iṣẹ́ àwọn onímọ̀ tó ṣáájú rẹ̀ yẹ̀ wò, kó sọ ibi tí wọ́n bá ọ̀rọ̀ dé àti ibi tí àyè ṣì wà fún òun. Ìyá Gbọ́lá tò wọ́n lẹ́sẹẹsẹ: Lágbájá sọ báyìí, Tàmẹ̀dù sọ báyìí. Gbogbo wọn ló fẹnu kò sí i pé ẹkún lásán ni iṣẹ́ ìkẹyìn bàbá náà, pé ikú ìyàwó rẹ̀ ló gba ohùn lẹ́nu rẹ̀. Òun náà kọ bẹ́ẹ̀ sí ìparí orí náà, ó fi ránṣẹ́.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Qudirat Ọláídé, alábòójútó rẹ̀ ní yunifásítì, dá a padà. Ohun tó kọ sí etí ìwé ni pé: "O kàn tò wọ́n jọ ni. Ewì wo ni ìkọ̀ọ̀kan wọn kà tó fi sọ ohun tó sọ?"

Inú bí Ìyá Gbọ́lá lọ́jọ́ náà. Mo fi ẹ̀pà lọ̀ ọ́, ó wò mí bí ẹni tó jí nǹkan rẹ̀. Nígbà tí inú rẹ̀ rọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Ó fa ìlà sínú bébà fífẹ̀ kan, ó kọ orúkọ àwọn onímọ̀ sí apá òsì, ó kọ ewì tí wọ́n fà yọ sí apá ọ̀tún, pẹ̀lú ojú ìwé tí wọ́n ti fà á yọ. Bó ṣe ń kọ ọ́ lọ ni apá ọ̀tún ń di ohun kan náà. Ó dáwọ́ dúró, ó ní, "Bọ̀dá Akínwọlé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo nǹkan yìí."

Mo wò ó. Ewì kan ṣoṣo ni gbogbo wọn fà yọ. Ewì tí bàbá fi dárò ìyàwó rẹ̀ ni. Òun nìkan ni bàbá fúnra rẹ̀ yí sí Yorùbá gbogbogbòò, nígbà tí àwọn kan ń ṣa ewì jọ sínú ìwé kan ní Ìbàdàn. Ojú ìwé ti Ìbàdàn yẹn ni gbogbo wọn ń tọ́ka sí. Wọ́n to orúkọ àwọn ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí ẹ̀yìn iṣẹ́ wọn, mọ́ ìwé tí wọ́n ní àwọn kà, lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó mú ìlà kan jáde láti inú wọn.

"Wọn ò ka àwọn ìwé náà rárá," ni Ìyá Gbọ́lá wí.

Inú bí mi, èmi tí kì í ṣe ewì ni mò ń jẹ. Ọmọ tó bá da ìdáhùn ẹlòmíràn kọ ní kíláàsì mi, òdo ni yóò gbà. Àwọn yìí wò lára ara wọn, wọ́n sì di ọ̀jọ̀gbọ́n.

Ọ̀rọ̀ náà wá di ìṣòro. Nígbà tí Ìyá Gbọ́lá kọ́kọ́ lọ kí bàbá, ó ṣèlérí fún un pé òun yóò wá sọ ohun tí àwọn onímọ̀ rí nínú iṣẹ́ rẹ̀ fún un. Báwo ni èèyàn ṣe fẹ́ sọ fún arúgbó tí ara rẹ̀ ò le pé kò sẹ́ni tó ka iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀? Mo ní kó purọ́. Mo ní kó sọ pé wọ́n yìn ín. Ó kàn ní kí n fi mọ́tò mi gbé òun lọ sí Ute lọ́jọ́ Sátidé.

A bá bàbá lórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, aṣọ òtútù lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó mọ ohùn Ìyá Gbọ́lá kó tó kúnlẹ̀ tán. "Ghá, ọma mi," ó fi èdè Ọ̀wọ̀ pè é pé kí ọmọ òun wá, "jókòó. Kí ni wọ́n wí?"

Ìyá Gbọ́lá sọ gbogbo rẹ̀ fún un, kò fi ọ̀kan pamọ́.

Bàbá gbé orí lé ẹ̀yìn àga. Mo rò pé ó ti sùn.

"Wọn ò kà á?"

"Wọn ò kà á, Bàbá. Ẹyọ kan yẹn ni wọ́n kà."

"Ẹnì kan fi èyí tí ọ̀kan nínú wọn kọ ránṣẹ́ sí mi nígbà náà," ni bàbá wí. "Ó ní ẹkún ni mò ń sun. Mo rò pé wọ́n kà á tán, pé kò dára lójú wọn ni. Ìdí tí mo fi gbé bírò sílẹ̀ nìyẹn." Ó yíjú sí ibi tí ohùn Ìyá Gbọ́lá ti ń wá. "Ìwọ ńkọ́? Ṣé ìwọ kà á?"

Ẹ̀rù bà mí fún un, nítorí mo mọ ìdáhùn. Ó ti ka ìkíní àti ìkejì nínú àwọn ìwé èdè Ọ̀wọ̀ náà, ṣùgbọ́n kò tíì ṣí ìkẹta. Ó fẹ́ fi í sílẹ̀ di orí kẹrin, níbi tí yóò ti tú ewì palẹ̀.

"Mo ka méjì, Bàbá," ó ní. "Mi ò tíì ka ìkẹta. Ohun tí wọ́n wí ni èmi náà kọ sílẹ̀. Ẹ forí jì mí."

"Lọ kà á," ni bàbá wí. Kò bínú, ó rẹ̀ ẹ́ ni. Ọmọ rẹ̀ obìnrin wá gbé e wọlé, a sì bá tiwa lọ. Ìyá Gbọ́lá sunkún títí a fi dé Ìpele.

Ó ka ìwé náà. Ó kà á nínú yàrá olùkọ́, ó kà á nígbà tí àwọn ọmọ ń ṣe ìdánwò, ó ń dá rẹ́rìn-ín. Orí kejì tó tún kọ kò gùn tó ti àkọ́kọ́. Ó kó àwọn onímọ̀ jọ sójú kan, ó sọ ewì kan ṣoṣo tí gbogbo wọn dúró lé, ó wá kọ ọ́ gbangba pé a ò tíì gbé iṣẹ́ ìkẹyìn Ọmọ́lẹ́yẹ yẹ̀ wò rí, àfi ọ̀kan nínú rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n fọwọ́ sí i, ó ní kó máa lọ sí orí kẹta.

A padà sí Ute. Bàbá ti rù sí i, orí bẹ́ẹ̀dì la bá a. Kò bi Ìyá Gbọ́lá ní ìbéèrè kankan. Ewì kan wà nínú ìwé kẹta nípa ìyá arúgbó tó ń bá ewúrẹ́ rẹ̀ ṣe ẹjọ́ nítorí ẹ̀gẹ́ tó sá síta tí ewúrẹ́ náà jẹ. Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í kà á lórí, ó dé àárín, ó dákẹ́, ó ń retí.

Ìyá Gbọ́lá gbà á lẹ́nu rẹ̀, ó ń bá a lọ. Kò wo ìwé. Nígbà tó dé ibi tí ewúrẹ́ ti ń rojọ́ tirẹ̀, ẹ̀rín gbà á, kò lè parí ìlà náà. Èmi náà rẹ́rìn-ín, èmi oníṣirò. Bàbá gbọ́ wa, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Ká ní mo mọ̀ pé ẹnì kan yóò rẹ́rìn-ín níbẹ̀," ó ní, "ǹ bá ti kọ ìkẹrin."

Ìyá Gbọ́lá fa ìwé yọ nínú báàgì rẹ̀, ó ṣí ewì tó tẹ̀lé e, ó sì ń kà á fún un.