Páìpù Afẹ́fẹ́ Oní-íǹṣì Méjì

Kò pẹ́ púpọ̀ tí àwọn sójà padà sí bárékè, tí àwọn olóṣèlú gba ìjọba, ni mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọ́fíìsì àwọn ẹnjiníà kan ní Ìkẹjà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní pólì ni. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún mi kì í ṣe èyí tí ọmọge ń fi yangàn: èmi ni mò ń ṣírò páìpù ìgbẹ́. Bí wọ́n bá bi mí ní ṣọ́ọ̀ṣì, màá ní mò ń bá wọn ya àwòrán ilé.

Ilé-iṣẹ́ kan ní Agége gbé iṣẹ́ ilé kan wá fún wa, èyí tí wọ́n fẹ́ kọ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ wọn. Ibi ìgbọ́kọ̀sí ni ìsàlẹ̀ pátápátá, àjà mẹ́jọ tí ènìyàn yóò máa gbé sì wà lórí rẹ̀. Ní àjà kọ̀ọ̀kan, balùwẹ̀ méjì fẹ̀yìn ti ara wọn, páìpù kan ṣoṣo ni yóò sì gba ìdọ̀tí gbogbo wọn láti òkè wá sísàlẹ̀.

Ìṣirò náà kò le. Nínú ìwé tí a ń lò, ohun èlò kọ̀ọ̀kan ní iye yúníìtì tirẹ̀. Yúníìtì kì í ṣe ìwọ̀n omi gan-an. Ó ń sọ bí ẹrù tí nǹkan náà ń dà sórí páìpù ṣe wúwo tó, nítorí pé kì í ṣe gbogbo ilé ló máa ń fọ tọ́lẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀kan náà. Àwo tọ́lẹ́ẹ̀tì jẹ́ mẹ́rin, ọpọ́n ìwẹ̀ jẹ́ méjì, básíìnì ìfọwọ́ jẹ́ ẹyọ kan. Balùwẹ̀ kan di méje, méjì di mẹ́rìnlá. Lọ́nà mẹ́jọ, ó di méjìléláàádọ́fà. Páìpù ìgbẹ́ oní-íǹṣì mẹ́rin lè gbé ìyẹn, kò tilẹ̀ ní mọ̀ pé òun gbé nǹkan.

Ṣùgbọ́n páìpù ìgbẹ́ kì í dá rìn. Bí omi bá ń já bọ̀ láti òkè, ó ń ti afẹ́fẹ́ níwájú, ó sì ń fa afẹ́fẹ́ lẹ́yìn. Ìdí nìyẹn tí a fi ń gbé páìpù afẹ́fẹ́ tì í láti ìsàlẹ̀ títí kọjá òrùlé. Bí afẹ́fẹ́ kò bá rí ibẹ̀ gbà, inú balùwẹ̀ ènìyàn ni yóò gbà. Kí tábìlì inú ìwé tó sọ bí páìpù afẹ́fẹ́ náà yóò ṣe tóbi tó, ó fẹ́ mọ bí páìpù ìgbẹ́ ṣe tóbi, iye yúníìtì tó wà lórí rẹ̀, àti bí páìpù afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ yóò ṣe gùn tó. Tiwa yóò gùn tó àádọ́rùn-ún ẹsẹ̀ bàtà. Lábẹ́ irú ẹrù yẹn, oní-íǹṣì méjì kò gbọdọ̀ kọjá ẹsẹ̀ bàtà mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Oní-íǹṣì méjì ààbọ̀ pàápàá kò lè dé àádọ́rin. Mo kọ íǹṣì mẹ́ta.

Ọ̀gá mi pè mí sí tábìlì wọn.

"Ihò tí akítẹ́ẹ̀tì fi sílẹ̀ fún páìpù ti há. Ó ti gé lára rẹ̀ kún pálọ̀. Oní-íǹṣì mẹ́ta kò ní wọ ibẹ̀. Kọ méjì."

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, tábìlì inú ìwé ní kò ní gbé e."

"Ta ló ń wo tábìlì kó tó yàgbẹ́? Afẹ́fẹ́ lásán ni. Kọ méjì."

Mo mú abẹ, mo fá mẹ́ta kúrò lórí bébà, mo kọ méjì sí i. Ọwọ́ mi ò gbọ̀n. Títí di òní, ìyẹn ló ń rí mi lára jù.

Wọ́n kọ́ ilé náà tán, àwọn ènìyàn kó wọlé. Kò pé oṣù mẹ́ta tí wọ́n fi wá fẹjọ́ sùn pé tọ́lẹ́ẹ̀tì ilé náà ń dà wọ́n láàmú. Ọ̀gá ní kí n lọ wò ó, wọ́n ní ó ní láti jẹ́ pé àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ń ju àkísà sínú tọ́lẹ́ẹ̀tì. Èmi àti bàbá púlọ́ńbà kan, ará Ìjẹ̀bú, la jọ lọ ní kùtùkùtù àárọ̀ ọjọ́ Ajé.

Òkè pátápátá la kọ́kọ́ dé. Òórùn ti pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà. Mo tẹjú mọ́ ihò básíìnì: omi tó yẹ kó jókòó níbi tí páìpù ti tẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ láti dènà òórùn ti lọ. Wọ́n fọ tọ́lẹ́ẹ̀tì nísàlẹ̀ wa, básíìnì náà sì fà gùẹ̀ẹ̀, bí ẹni tó ń mu ògì tó kù sídìí ife.

"Ilé yìí ń fi básíìnì mí," ni bàbá wí.

Àjà àkọ́kọ́ ló burú jù, nítorí abẹ́ rẹ̀ gan-an ni páìpù ìgbẹ́ ti ṣẹ́rí gba òkè ibi ìgbọ́kọ̀sí jáde síta. Ìyá àgbà kan, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì láti Èkìtì, ló ṣílẹ̀kùn fún wa. Ọ̀dọ̀ ọmọ wọn ni wọ́n ń gbé. Wọ́n fi ìborùn bo imú. Wọn kò kí wa.

"Ẹ wọlé, ẹ jókòó sí etí ọpọ́n ìwẹ̀ yẹn. Ẹ máa wò ó. Aago mẹ́fà ààbọ̀ ni wọ́n máa ń múra iṣẹ́ lókè."

A kò jókòó. A dúró. Lókè, ẹnì kan fọ tọ́lẹ́ẹ̀tì, ẹlòmíràn tẹ̀ lé e, ẹlòmíràn sì tú omi ìwẹ̀ sílẹ̀. Omi inú àwo tọ́lẹ́ẹ̀tì màmá gbọ̀n, ó wú, ó hó. Lẹ́yìn náà ó tú sókè. Ìgbẹ́ ta sára ògiri, ó ta sórí búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín, ó ta sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. Láti ihò ọpọ́n ìwẹ̀, omi dúdú tó ń yọ̀ rú jáde, pẹ̀lú irun orí ènìyàn tí n kò mọ̀. Mo sáré jáde, mo bì sí kọ̀rọ̀ àtẹ̀gùn.

Nígbà tí mo padà, màmá na aṣọ kan sí mi.

"Ọmọ-ọmọ mi ni mò ń wẹ̀ lọ́wọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́," ni wọ́n wí. "Ọmọ oṣù mẹ́sàn-án. Mo rò pé òun ló yàgbẹ́ sínú omi. Mo lù ú nídìí."

N kò lè nu ojú mi. "Màmá, ẹ má bínú. Kì í ṣe àkísà. Páìpù afẹ́fẹ́ ló kéré. Mo mọ̀ pé ó kéré. Èmi ni mo kọ ọ́."

Màmá yíjú sí mi. "O mọ̀?"

"Mo mọ̀, mà."

Wọ́n yí ojú kúrò lára mi bí ẹni rí ìdin nínú ẹran.

Mo padà sí Ìkẹjà, mo tún ìṣirò náà kọ sí bébà tuntun, mo sì gbé e fún máníjà tó ń bójú tó ilé fún ilé-iṣẹ́ náà kí n tó gbé e fún ọ̀gá. Ọ̀gá pariwo mọ́ mi títí àwọn ará ọ́fíìsì kejì fi yọjú. Ọ̀gá ní mo ti kó ìgbẹ́ bá orúkọ àwọn. Mo ní ìgbẹ́ ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni iṣẹ́ mi parí níbẹ̀, ṣùgbọ́n máníjà ní kí n dúró ti àtúnṣe náà.

Ihò inú ilé ṣì há bó ṣe há, nítorí náà ẹ̀yìn ògiri la gbé páìpù tuntun gbà. Bàbá púlọ́ńbà so oní-íǹṣì mẹ́ta mọ́ páìpù ìgbẹ́ nísàlẹ̀, lábẹ́ àjà àkọ́kọ́, ó lu ògiri, ó fi ẹ̀ka rẹ̀ wọ àjà kọ̀ọ̀kan, ó sì gbé e kọjá òrùlé. Ó burẹ́wà lára ilé náà bí àpá iṣẹ́ abẹ.

Lọ́jọ́ tó parí, mo kúnlẹ̀ síwájú àwo tọ́lẹ́ẹ̀tì màmá. Bàbá ti fi ènìyàn sí àjà mẹ́ta lókè, ó ní kí wọ́n fọ ọ́ papọ̀. Mo gbọ́ bí ó ṣe ń já bọ̀ lẹ́yìn ògiri. Omi inú àwo náà mì díẹ̀, ó sì dúró. Wọ́n tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Kò ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Màmá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ìborùn ṣì wà nímú wọn.

"Ó ti dáa," ni wọ́n wí. "Ṣùgbọ́n garawa la ó máa fi wẹ ọmọ yẹn, ní bàkónì. N kò lè gbé e sínú nǹkan yẹn mọ́."