Ọmọ Tó Ti Rí Oṣù Mẹ́ta

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ta oògùn ní etí òkun. Orí òpó ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, bíi gbogbo ilé abúlé wa, omi sì ń kọjá lábẹ́ rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Mo parí ilé ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdìrì, mo sì lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́sẹ̀ méjì tí ìjọba ṣe fún àwa tí a ń ta oògùn. Púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n kọ́ wa níbẹ̀ ni mo ti gbàgbé. Ọ̀kan tí n kò gbàgbé ni ohun tí nọ́ọ̀sì àgbàlagbà kan sọ bó ṣe ń nu pátákó: “Ibà ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta, ẹ má ta oògùn fún un. Ọkọ̀ ni kí ẹ bá a wá.” Mo kọ ọ́ sórí páálí, mo kàn án mọ́ ẹ̀yìn káńtà, níbi tí ojú mi ti ń bà á lójoojúmọ́.

Páálí yẹn wà níbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́bọ̀ tí màmá kan láti òdìkejì omi wá ra oògùn ibà. Èmi àti ẹ̀ mọ ara wa dáadáa. Ẹja gbígbẹ ló ń tà, ọmọkùnrin rẹ̀ kan ṣoṣo sì ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú àwọn tó ń wa epo lórí òkun, ó máa ń lo ọ̀sẹ̀ mẹ́rin níbẹ̀ kó tó wálé. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ ló bímọ. Mo bi í léèrè oṣù mélòó ni ọmọ náà. Ó ní oṣù mẹ́ta ni. Mo wo páálí mi. Mo ní ṣé ó ti pé mẹ́ta. Ó ní ṣé èmi kò rí oṣù tó lé lánàá ni, òun fúnra òun gbé ọmọ náà síta láti fi hàn án. Mo ta ìgò oògùn omi kan fún un, mo sọ ìwọ̀n tí wọn yóò fún un. N kò rí ọmọ náà rárá, n kò sì ní kó gbé e wá.

Bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ sínú ọkọ̀ rẹ̀, ó ń ráhùn pé iṣẹ́ kò ní tán lọ́rùn òun, pé ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ àwọn yóò tún gbé ọmọ yìí lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ti ọ̀sẹ̀ kẹfà.

Mo ní kó dé ilé re. Mo jókòó. Mo tún dìde, mo to àwọn ìgò ọṣẹ ìfọgbẹ́ tí mo ti tò tẹ́lẹ̀. Nǹkan kan ń rìn káàkiri lára mi bí eèrà, n kò sì mọ ohun tó jẹ́. Mo gbá ilẹ̀. Mo gbá a lẹ́ẹ̀kejì. Mo dá owó ṣẹ́ńjì lé obìnrin kan lọ́wọ́, ó ní mo ti fún òun tẹ́lẹ̀. Ìgbà tó lọ tán ni mo gbọ́ ohùn màmá yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i nínú orí mi. Ọ̀sẹ̀ kẹfà. Ọmọ tó pé oṣù mẹ́ta ti kọjá abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ kẹfà tipẹ́.

Mo wá rántí ọjọ́ tí wọ́n bí ọmọ náà, nítorí èmi náà wà níbẹ̀. Ọjọ́ tí òkun wó ògiri ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wa ni. Gbogbo abúlé ló jáde láti kó àwọn bẹ́ǹṣì kúrò kí omi tó gbé wọn lọ, ibi tí ìyàwó yẹn ti di etí bẹ́ǹṣì kan mú ni ìrọbí ti mú un. Ọjọ́ sátidé ni. Mo dúró níwájú kàlẹ́ńdà, mo fi ìka kà á. Ọjọ́ mẹ́tàlélọ́gbọ̀n péré ni. Mo tún un kà láti ẹ̀yìn wá, mẹ́tàlélọ́gbọ̀n náà ni.

Màmá kò parọ́. Apẹja ni bàbá àti ìyá rẹ̀, ojú oṣù ni wọ́n fi ń mọ ìgbà tí omi yóò kún àti ìgbà tí yóò fà, ojú oṣù náà ni ó fi ń ka ọmọ. Oṣù tó ń kú lọ ló wà lójú ọ̀run nígbà tí wọ́n bí ọmọ náà. Ọjọ́ kẹta, òmíràn lé. Ìyẹn gbé tirẹ̀ lódindi, ó lọ, òmíràn sì tún lé ní àná. Ọmọ náà ti rí oṣù mẹ́ta lóòótọ́. Ṣùgbọ́n oṣù kan àti díẹ̀ ló ti lò láyé.

Mo ti ṣọ́ọ̀bù. Mo mú ohun tí mo fi ń wọn ìgbóná ara, mo wọ ọkọ̀ kékeré mi, mo wà á débi pé àtẹ́lẹwọ́ mi bó.

Màmá ti yà ra ẹja lọ́nà kó tó dé ilé, nítorí náà kò tíì pẹ́ tí wọ́n fún ọmọ ní oògùn nígbà tí mo wọlé. Ṣíbí rẹ̀ ṣì wà lórí ẹní. Wọ́n ti fi aṣọ mẹ́ta wé ọmọ náà. Mo tú u, mo dúró díẹ̀ kí ooru aṣọ fi í sílẹ̀, mo fi nǹkan náà sí i lábíyá. Ó ju dígírì méjìdínlógójì àti ààbọ̀ lọ. Kò sunkún nígbà tí irin tútù yẹn kàn án. Mo bi ìyá rẹ̀ bó ṣe mu ọmú sí. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀: láti ìdájí, bó bá fẹnu kàn án, oorun ló ń gbé e lọ.

Màmá ní ọmọ jẹ́jẹ́ ni, kì í da ènìyàn láàmú.

Mo sọ fún wọn pé kí a máa lọ sí ọsibítù ní Igbókòdá nísinsìnyí. Màmá wò mí bí ẹni pé mo bú u. Ó rán mi létí ọmọ ọmọbìnrin òun, ọmọ ọdún mẹ́ta tí ara rẹ̀ gbóná ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, tí èmi fúnra mi ní kí wọ́n máa fún ní omi mu, kí wọ́n ṣọ́ ọ di ọjọ́ kejì, pé bí kò bá ṣeré ni kí wọ́n wá. Ṣé èyí kì í ṣe ibà náà ni? Mo ní ibà lè jẹ́ ọ̀kan, ṣùgbọ́n ọmọ kì í ṣe ọ̀kan. Èyí tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta ń sọ̀rọ̀, ó ń sáré, ojú rẹ̀ ń sọ bó ṣe ń ṣe é. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta kò ní agbára púpọ̀ tí yóò fi bá àrùn jà, àrùn sì lè wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó rí àmì kan yàtọ̀ sí ìgbóná yìí. N kò mọ̀ bóyá àrùn wà lára rẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ojú lásán kò lè sọ fún wa.

Ọkùnrin kan tó ní ọkọ̀ ẹ́ńjìnì gbà láti gbé wa, ó sì ń kùn. Oṣù tuntun máa ń mú kí omi fà jìnnà. Ó ní bí òun bá gbé wa dé òkè ní Igbókòdá, òun kò ní rí omi padà títí di ọjọ́ kejì.

A ti rìn fún bíi wákàtí kan nínú ipa omi tí ó gba inú irà kọjá, nígbà tí màmá fọwọ́ kan iwájú orí ọmọ. Ó tún kàn án. Ó rẹ́rìn-ín. Òógùn ti bo ọmọ, ara rẹ̀ ti tutù. Ó ní kí ọlọ́kọ̀ yí padà.

Ọlọ́kọ̀ dín eré ẹ́ńjìnì kù kíá, bí ẹni tí ó ti ń retí ọ̀rọ̀ náà. Ẹrẹ̀ ti ń yọ létí omi lápá méjèèjì. Hẹlikópítà kan kọjá lókè, ó ń kó òṣìṣẹ́ lọ sórí òkun níbi tí bàbá ọmọ wà, ìyàwó gbójú sókè wò ó títí ó fi lọ.

“Ìwọ obìnrin yìí,” ni màmá wí fún mi, “ara rẹ ni kò balẹ̀. Ara ọmọ ti balẹ̀ ní tirẹ̀.”

Òtítọ́ ni pé ara mi kò balẹ̀. Mo wọn ọmọ náà lójú gbogbo wọn, kò sí ibà. Bí a bá lọ tí kò sí nǹkan kan, mo ti ba ọjọ́ ènìyàn mẹ́rin jẹ́. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó wà nínú ìgò tí mo tà.

Mo ní, “Màmá, oògùn mi ló mú ìgbóná lọ. Kò fọwọ́ kan ohun tó fa ìgbóná. Ẹ̀bi mi ni. Oṣù ni mo bi yín, n kò bi yín ní ọjọ́ tí wọ́n bí i. Ká ní mo bèèrè ọjọ́ ni, n kì bá ti ta nǹkan kan fún yín, ẹ̀ bá sì ti dé òkè báyìí.”

Gbogbo wa wá ń wo ìyàwó, ẹni tí kò tíì sọ̀rọ̀ láti ilé. Ó fa ọmú síta, ó fi kan ẹnu ọmọ. Ọmọ náà kò la ẹnu. Ó fi ìka tẹ àgbọ̀n rẹ̀, wàrà sàn sí i létè, ó sì sàn kọjá lọ sí ọrùn rẹ̀.

“Ẹ máa lọ,” ló wí.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹ́ńjìnì kan ẹrẹ̀, a sọ̀ sínú omi, a ti ọkọ̀. Màmá náà ti, ó ká aṣọ rẹ̀ dé orúnkún.

Ní ọsibítù, àwọn ènìyàn kún orí bẹ́ǹṣì. Nọ́ọ̀sì kan wá bi wá ní ọjọ́ orí ọmọ. Mo ní ọjọ́ mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, mo ní ó ju méjìdínlógójì àti ààbọ̀ lọ kí oògùn tó mú un wálẹ̀, mo sì sọ aago tí wọ́n fún un lóògùn. Ó gba ọmọ lápá ìyá rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kò sọ fún wa rárá pé ara ọmọ tutù. Obìnrin kan dìde, ó ní ọmọ òun ti jókòó láti àárọ̀, pé ara tirẹ̀ ń jó bí iná. Ọmọ rẹ̀ tó ọmọ ọdún méje, ó ń jẹ bisikíìtì.

Nọ́ọ̀sì náà ní, “Ìyá, a ó dé ọ̀dọ̀ tiyín. Tiyín lè sọ ibi tó ń dùn ún.”

Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n gba ìtọ̀, wọ́n gba omi díẹ̀ láti inú ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí fún un ní abẹ́rẹ́ kí èsì kankan tó jáde. Màmá kò lè jókòó. Ó ń lọ dé ẹnu ọ̀nà, ó ń padà. Ìgbà tó yá dókítà ní kòkòrò àrùn ti inú ìtọ̀ rẹ̀ wọ ẹ̀jẹ̀. Wọ́n lo ọjọ́ mẹ́wàá níbẹ̀. Ọjọ́ kẹta ni ọmọ náà ké, igbe gidi, tí ìyá rẹ̀ sì sunkún pẹ̀lú rẹ̀.

Mo já páálí mi sílẹ̀, mo kọ òmíràn: Ọjọ́ wo la bí i? Gbé e wá kí n rí i. Bí wọ́n bá sọ oṣù fún mi, mo máa ń fi kàlẹ́ńdà lé wọn lọ́wọ́, àwọn kan sì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Ní ọdún kejì tàbí ìkẹta, màmá yìí yọ sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi láàárọ̀ pẹ̀lú agbọ̀n ẹja gbígbẹ. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ ti tún bímọ. Mo la ẹnu láti bèèrè.

Ó ní, “Ọjọ́ mọ́kàndínlógún. Ara rẹ̀ gbóná, mi ò fún un ní nǹkan kan. Wọ́n wà nínú ọkọ̀ nísàlẹ̀, ẹ́ńjìnì ti ń ṣiṣẹ́. Ẹja yìí ni mo fẹ́ kí o bá mi ṣọ́.”

Mo gba agbọ̀n náà. Ó ti dé ìdajì àkàbà kí n tó ráyè gbé e sílẹ̀.