Ojú Tí Mo Fi Ránṣẹ́ sí Parakou

Ilà mẹ́ta-mẹ́ta ló wà lẹ́rẹ̀kẹ́ mi. Bàbá àgbà mi ló ní dandan kí wọ́n kọ ọ́, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ mi ní Massè, ìlú wa, ń dàgbà pẹ̀lú ojú tí abẹ kò kàn. Mi ò kà á sí nǹkan kan títí mo fi lọ ń bá wọn tajà ní Kutọnu. Obìnrin kan tó wá ra ọṣẹ wo ojú mi, ó bi ọ̀gá mi bóyá ológbò ló ha mí. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Títí dòní, ẹ̀rín tèmi yẹn ló ń bí mi nínú ju tiwọn lọ.

Mo padà sí Massè, mo ń yan gàrí. Ọgbọ̀n ọdún kọjá lórí mi, ọkọ ò dé. Àbúrò bàbá mi obìnrin, tó ń gbé ní Adja-Ouèrè, ló gbà láti ṣe alárenà. Ó wá káfíńtà kan rí, ọmọ apá ọ̀dọ̀ wa tó ń ṣiṣẹ́ ní Parakou, tí ìyàwó rẹ̀ ti ṣaláìsí. Láyé àtijọ́, ẹnu ni alárenà fi ń ròyìn ọmọbìnrin. Nísinsìnyí, fótò ni wọ́n ń béèrè. Ojú ìyá náà kò ríran dáadáa mọ́, nítorí náà ó ní kí àbúrò mi obìnrin, tó ń ṣerun nítòsí ọjà, bá òun fi fótò mi ránṣẹ́ lórí Wasáàpù.

Àbúrò mi mọ fótò yà. Láàárọ̀ ni, ó mú mi dúró síbi òjìji ilé kí oòrùn má baà sọ abẹ́ ojú mi di dúdú. Ó ní kí n fọ èéfín kúrò lójú, ó bá mi fi pọ́dà díẹ̀ sí i, ó wé gèlè fún mi, ó ní kí n yí ẹ̀gbẹ́ kan díẹ̀ kí n má dúró gan-an bí ẹni tó ń ya ti káàdì ìdánimọ̀. Mo rẹwà nínú fótò yẹn. Èmi ni, lọ́jọ́ tí mo bá múra dáadáa.

Ó wá ṣí nǹkan kan lórí fóònù rẹ̀ tó máa ń tún ojú ṣe. Ìlà tín-ín-rín kan wà nísàlẹ̀ fótò, èèyàn á fi ìka fa àmì kékeré kan lórí rẹ̀ sápá ọ̀tún. Bó ṣe fà á díẹ̀, ìrorẹ́ tó yọ síwájú orí mi pòórá. Kò sí aburú níbẹ̀, ìrorẹ́ yẹn ò ní pẹ́ lọ fúnra rẹ̀. Mo ní kó tún fà á. Ojú mi ń dán, àwọ̀ mi ń pọ́n, ilà mi ń tín-ín-rín. Fóònù kò mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni ìrorẹ́, ọ̀tọ̀ ni ilà. Ohunkóhun tí kò bá tẹ́jú lójú èèyàn, àbùkù ló kà á sí, á mú àwọ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bò ó. Nígbà tí àmì náà dé òpin, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi mọ́ bí ti ọmọ tuntun.

“Ẹ̀gbọ́n, èyí ti pọ̀ jù,” àbúrò mi sọ. “Ẹ jẹ́ kí n dá a padà. Ọkùnrin yìí ṣì máa rí yín lójúkojú.”

“Fi ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀.”

“Ṣé ó dá yín lójú?”

Mo jágbe mọ́ ọn, mo bi í pé ta ló ń lọ sílé ọkọ nínú wa. Ó fi ránṣẹ́.

Mo ti rò ó lọ rò ó bọ̀ láti ìgbà náà. Pọ́dà, gèlè, òjìji àárọ̀, ìwọ̀nyí ò tan ẹnikẹ́ni jẹ, torí ẹni tó bá bá mi pàdé lọ́jọ́ àríyá máa rí gbogbo rẹ̀. Àmọ́ ohun tí omi ò lè fọ̀, tí mo máa bá sùn tí mo máa bá jí, tí mo wá mú kúrò, irọ́ ni mo fi ìyẹn pa. Ọkùnrin náà á sì fi irọ́ náà pinnu bóyá kó wá tàbí kó má wá.

Fótò tirẹ̀ dé lọ́jọ́ kejì. Ó dúró nínú oòrùn gangan, níwájú ilẹ̀kùn kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn, kò tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ilà wà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó fẹ̀ ju tèmi lọ. Ohùn rẹ̀ tẹ̀ lé e: “Ojú mi rèé. Bẹ́ẹ̀ náà lẹ máa bá a.”

Ó yẹ kí n fi fótò tòótọ́ ránṣẹ́ sí i nígbà yẹn. Mi ò ṣe é. A bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ó ń mú mi rẹ́rìn-ín, mo sì ń bẹ̀rù kí ẹ̀rín náà má tán. Nígbà tó ní ká pe ara wa ká lè máa ríra, mo ní rẹ́sò, ìyẹn nẹ́tíwọ̀kì fóònù, kò dáa ní Massè. Òótọ́ ni nígbà míì. Lọ́jọ́ tó bẹ̀ mí gan-an, mo jókòó, mo kẹ̀yìn sí iná kó lè jẹ́ òjìji mi nìkan ló máa rí. Ó gbóríyìn fún ohùn mi.

Kò sí bá a ṣe lè ṣe ifá kó má hùwà èkùrọ́. Ó wá. Ó wọ mọ́tò dé Pobè, alárenà mi lọ pàdé rẹ̀, wọ́n gun sẹ́mijàn, ọ̀kadà akérò, wá sí ọ̀dọ̀ wa. Mo ti múra, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó tẹríba díẹ̀, ó kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

“Ẹ kú ilé o, ìyá. Ṣé ẹni tí mo wá bá wà nínú ilé?”

Ẹ̀gbọ́n mi àgbà, ìyẹn ẹni tí mi ò ní, ló rò pé mo jẹ́. Ìyá alárenà rẹ́rìn-ín, ó ní, “Òun tìkára rẹ̀ kọ́ rèé?” ó sì yà sí ọ̀dọ̀ aládùúgbò tó ń kí i. Ọkùnrin náà wò mí. Ó mú fóònù jáde, ó wo inú rẹ̀, ó tún wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, ó rọra dá a padà sápò. Ì bá sàn kó pariwo mọ́ mi.

Ó mu omi, ó jẹun, ó dúpẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní kí n sin òun dé ìdí ààrò.

“Mo ti fi ojú mi hàn yín,” ó ní. “Ẹ rí ilà mi, ẹ ò sì sọ nǹkan kan. Mo rò pé kò dà yín láàmú.”

“Kò dà mí láàmú.”

“Tiyín dà yín láàmú débi tẹ́ ẹ fi mú un kúrò. Kí lẹ wá ń rò nígbà tẹ́ ẹ bá ń wo tèmi?”

Mo fẹ́ sọ ti obìnrin Kutọnu fún un, mo fẹ́ sọ pé fóònù ló ṣe é. Ìkejì yẹn ni mo sọ jáde, kò sì jẹ́ òótọ́. Ó mi orí, ó ní kó dáa.

Ìyá alárenà sìn ín dé títì. Nígbà tó padà, ó jókòó tì mí, ó di ọwọ́ mi mú.

“Ó ní kí n má bá ọ wí,” ó sọ. “Ó ní ojú òun ni kò wù ọ́, pé ẹ̀bi rẹ kọ́. Èmi náà ti rò ó tẹ́lẹ̀, ọmọ mi. Ilà rẹ̀ ti le jù. Má sunkún, a máa wá ẹlòmíràn tó rẹwà.”

Ó ń fọwọ́ pa mí lẹ́yìn, láìmọ nǹkan kan nípa fótò náà, bó ṣe ń bú ojú ọkùnrin náà, mo sì jẹ́ kó máa bú u.