Ẹni Tó Ni Ín

Ojú ni Sùlíyá fi ń jẹun. Ọdún kejìdínlógún rèé tó ti ń yẹ ìgò wò nílé iṣẹ́ ẹlẹ́rìndòdò kan l'Ọ́gbà, nílùú Èkó. Ṣùgbọ́n látìgbà tí SAP, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba, ti sọ ọjà òkèèrè di góòlù, iná tí wọ́n fi ń wo inú ìgò ti kú, wọn kò sì ra òmíràn. Ọdún méjì ló ti ń fojú wá nǹkan nínú òkùnkùn.

Aláyẹ̀wò ìjọba dé, ó bá àfọ́kù nínú ìgò, ilé iṣẹ́ fìdí rẹmi. Akínfẹ́nwá, máníjà, gbé fọ́ọ̀mù àtúnṣe wá fún Sùlíyá: ohun tó fà á, ohun tí a ó ṣe, ẹni tó ni ín, ọjọ́ tí wọn yóò padà wá wò ó. Lábẹ́ "ẹni tó ni ín", Sùlíyá kọ orúkọ Alhaji tó ni ilé iṣẹ́.

"Ìyá Jubril, ẹni tó máa ṣe é ni wọ́n ń béèrè!" ni Akínfẹ́nwá wí fún un.

"Ṣé èmi ni mo fẹ́ ra iná ni, ọ̀gá?"

Akínfẹ́nwá mí kanlẹ̀, ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, iná tuntun dé.

Lọ́jọ́ tí wọ́n dá láti padà wá, aláyẹ̀wò fi ìgò kan tó ní àfọ́kù sáàárín àwọn tó mọ́ láti dán wọn wò. Nínú ìmọ́lẹ̀ kedere, ìgò náà kọjá níwájú Sùlíyá, kò rí i.

Fọ́ọ̀mù mìíràn tún dé. Ohun tó fà á: ojú. Lábẹ́ "ẹni tó ni ín", ó kọ orúkọ ara rẹ̀.