Ìlà Mẹ́rin Òwúrọ̀

Iṣẹ́ tí Ọláfimíhàn ń ṣe ní Àkúrẹ́ ni kí ó máa mú nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọ ilé tí kò bá fẹ́ wọ̀. Ó mọ iṣẹ́ náà dunjú, àmọ́ ó máa ń fọ́nnu díẹ̀. “Bí mo bá ti fọwọ́ kàn án, ó ti parí nìyẹn,” ni ó máa ń sọ fún oníbàárà.

Ọdún tí owó epo fò sókè tí gáàrì pàápàá di nǹkan olówó ńlá ni Tíṣà Leah pè é láti Oǹdó. Ìyá yìí ló kọ́ ọ ní kíláàsì karùn-ún. Ó ti fẹ̀yìn tì, owó ìfẹ̀yìntì kò sì gbé e dé ibì kankan, ló bá ń fi kọ̀ǹpútà kọ́ àwọn ọmọ wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ní èdè Yorùbá ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Iṣẹ́ yìí ló ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹ̀kọ́ ti já mọ́ ọn lẹ́nu. Ẹni tó gbà á síṣẹ́ ti sọ ọ́ gbangba pé bí ó bá tún já lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, òun yóò wá olùkọ́ mìíràn.

Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun náà, aago mẹ́wàá, Ọláfimíhàn ti dé Oǹdó. Ó bá ráútà, ẹ̀rọ tó ń gba nẹ́tíwọ́ọ̀kì sílé, ní yàrá inú, lórí kọ́bọ́ọ̀dù, láàárín àwọn àwo, tí aṣọ tí Tíṣà fọwọ́ ara rẹ̀ hun bò ó lórí.

“Tíṣà, ẹ̀rọ yìí kì í ṣe ìyàwó tuntun tí ẹ ń daṣọ bò lójú, mà.”

“Ṣé kí n wá gbé e sójú fèrèsé kí olè lè rí i?”

Ó ṣí ojú ewé ráútà náà lórí fóònù rẹ̀. Lórí kọ́bọ́ọ̀dù, agbára nẹ́tíwọ́ọ̀kì jẹ́ ọgọ́rùn-ún lé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sísàlẹ̀ òdo. Ó gbé e sí ojú fèrèsé, ó di ọgọ́rùn-ún lé mẹ́ta. Ó ṣàlàyé pé bí ó bá ṣe ń súnmọ́ òdo ló ṣe ń dára sí. Lẹ́yìn náà ó gbé àńtẹ́nà sórí òpó irin níta, kí ó ga ju páànù lọ, ó kọjú rẹ̀ sí òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó wà lórí òkè, ó sì gba etí fèrèsé fa wáyà kúkúrú méjì wọlé. Ó di mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún. Ìlà mẹ́rin tó ń fi agbára nẹ́tíwọ́ọ̀kì hàn yọ, fídíò ń ṣàn geere.

“Ó parí nìyẹn, mà.” Ó kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó lọ ṣe iṣẹ́ kan ní àdúgbò kejì.

Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ti jókòó sínú mọ́tò Àkúrẹ́, ó ku èrò kan kó kún, ni fóònù rẹ̀ dún.

“Fimíhàn, mo ní kí n dán an wò. Ohùn mi ń já wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.” Tíṣà ni.

Ó bọ́ sílẹ̀, ó gun ọ̀kadà padà. Ìlà mẹ́rin ṣì dúró digbí, síbẹ̀ nǹkan kan kò kọjá. Ìtìjú bò ó, nítorí ó mọ ohun tó ṣe. Àárọ̀ ló yẹ̀ ẹ́ wò, nígbà tí ará àdúgbò wà lóko àti níbi iṣẹ́. Gbogbo wọn ti wálé báyìí. Òun sì ti fi ráútà sílẹ̀ kí ó máa yan báàǹdì, ìyẹn ipa-ọ̀nà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń gbà, fúnra rẹ̀, ó sì rọ̀ mọ́ báàǹdì tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ ogún, tó ń lọ jìnnà jù, tí fóònù gbogbo àdúgbò náà rọ̀ mọ́. Bí omi ẹ̀rọ kan ṣoṣo tí korobá igba ń dúró dè.

Báàǹdì tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ mẹ́ta ní àyè jù ú lọ, ṣùgbọ́n kì í lè la ògiri wọ yàrá inú. Nísinsìnyí tí àńtẹ́nà wà níta, ó lè gbà á. Ó ti ráútà mọ́ báàǹdì ọ̀hún. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ, ó padà.

“Ìlà méjì? A ti ní mẹ́rin tẹ́lẹ̀!”

“Ẹ má wo ìlà, mà. Ẹ gba fóònù mi, ẹ máa pe nọ́ńbà kejì tó wà níbẹ̀ fún mi; òun ló ń sọ bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe mọ́ tó, bó bá ṣe ń pọ̀ sí ló ṣe ń dára sí.”

Ó jáde lọ ń yí àńtẹ́nà díẹ̀díẹ̀. Tíṣà ń pè láti ojú fèrèsé bí ẹni tó ń pe orúkọ ọmọ ilé-ìwé: “Mẹ́rin! Mẹ́fà! Ó di mọ́kànlá! Mẹ́rìnlá!”

“Mo dá a dúró síbẹ̀, mà.”

Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ta kí aago márùn-ún lù.

Ọmọ mẹ́jọ kí Tíṣà láti Lọ́ńdọ̀nù pé, “Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà,” ohùn wọn mọ́ kedere. Ọláfimíhàn jókòó sẹ́yìn lórí àpótí, kò lè lọ. Odidi wákàtí kan, kò já. Nígbà tí Tíṣà pa kọ̀ǹpútà, ó fi etí ìró rẹ̀ nu ojú.

“Kí ni mo máa ń sọ fún ọ ní kíláàsì karùn-ún?”

“Pé kí n tún iṣẹ́ mi yẹ̀wò kí n tó gbé e wá. Ẹ má bínú, mà.”

“Jẹun kí o tó lọ.”

Láti ìgbà náà, bí oníbàárà bá pè é, kì í bèèrè ibi tí ilé wọn wà mọ́ kó tó bèèrè pé: “Aago mélòó lẹ máa ń lò ó?”