Wákàtí Mẹ́jọ Bàbá Oyètúndé

Ẹni tó bá sọ fún yín pé ọ̀lẹ ni Bàbá Oyètúndé, ẹ ní kó wá bá mi. Mo bá a ṣiṣẹ́ ní ilé búrẹ́dì Alhaji Abdulganiyu, nítòsí ibùdókọ̀ rélùwéè ní Ọ̀fà, nígbà tí òmìnira ku bí ọdún méjì. Òun ló ń dáná ààrò. Iná ti jẹ gbogbo irun apá rẹ̀ tán. Bó bá kó ẹ̀ṣẹ́ná jáde, tó fi omi nu ilẹ̀ ààrò, á na ọwọ́ sí ẹnu ààrò, á máa ka ení, èjì, ibi tí ooru bá ti lé ọwọ́ rẹ̀ padà ni yóò fi mọ̀ bóyá ó tó láti ti páànù wọlé. N kò rí i kó ṣì í rí.

Ẹ̀ẹ̀mejì là ń ṣiṣẹ́ lójúmọ́. Aago méjì òru la ń bẹ̀rẹ̀ sí í po fùláwà, aago mẹ́jọ àárọ̀ la ń lọ sílé. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, a ó padà wá gbé àtẹ, a ó ta búrẹ́dì káàkiri ìlú, a ó sì fi ìyókù dúró de ọkọ̀ tó ń gba Ọ̀fà lọ sókè Ọya. Lójú Alhaji, ìsinmi ti pé: wákàtí mẹ́jọ gbáko lọ́sàn-án. Ta ló ń sùn lọ́sàn-án? Obìnrin tó ní aṣọ láti fọ̀, omi láti pọn, ọmọ láti bọ́? Òru la fẹ́ fi sùn, kò sì sí òru fún wa, torí ọkọ̀ tí wọ́n ní aago mẹ́jọ ló ń dé, mẹ́wàá ló sábà máa ń dé. Kí o tó délé, kí o tó wẹ̀, kí o tó fẹ̀yìn lélẹ̀, o ti fẹ́ dìde.

Lọ́jọ́ kan, Àṣàbí, ọ̀kan nínú àwa tí a ń po fùláwà, sùn lórí ìdúró níbi tí ọkọ̀ ti ń wọlé, òun àti àtẹ ṣubú, díẹ̀ ló kù kó bọ́ sójú irin. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ni Bàbá Oyètúndé bọ́ fìlà, ó lọ bá Alhaji.

Ó ní, “Alhaji, ènìyàn ò yàtọ̀ sí fùláwà tí a pò yìí. Bí ẹ ò bá jẹ́ kó sinmi, kò ní wú.”

Ètò tó là sílẹ̀ kò le rárá. Àwa mẹ́fà ni, òun náà wà níbẹ̀, ó pín wa sí ọ̀nà méjì, mẹ́ta mẹ́ta, ó sì kọ́ ẹnì kan ní apá kejì bí a ṣe ń dáná ààrò, fún òru tí òun kò bá ní sí níbẹ̀. Àwọn kan á ta nínú ìlú, wọ́n á gbé àtẹ sílẹ̀ ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, àwọn ni yóò po fùláwà ní aago méjì òru. Àwọn kejì á dúró de ọkọ̀, wọn kò ní padà wá àfi aago mẹ́fà àárọ̀, láti yọ búrẹ́dì kúrò nínú páànù kí wọ́n sì gbé e lọ sọ́jà. Lọ́jọ́ kejì, a ó gba ipò ara wa. Bí ọkọ̀ bá pẹ́ dé aago mọ́kànlá, aago méje lo máa wá. Láti ìgbà tí o bá gbé àtẹ sílẹ̀ títí dìgbà tí ọwọ́ rẹ máa kan iṣẹ́, wákàtí mẹ́jọ gbọ́dọ̀ pé. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn la ń kọ ọ́ sí. Olúkúlùkù á fi ṣọ́ọ̀kì fa ilà iye aago tó gbé àtẹ sílẹ̀ sí abẹ́ orúkọ rẹ̀: aago mẹ́fà, ilà mẹ́fà.

Alhaji ní òun á dán an wò. Oṣù mẹ́rin la fi dán an wò, kò sí búrẹ́dì kan tó jóná. Oorun dùn mọ́ mi débi pé mo sanra.

Ìgbà náà ni mo bí Ràfátù. Ọkọ mi wà ní Jẹ́bba, níbi iṣẹ́ rélùwéè, màmá mi ti kú. Ọmọ náà pé oṣù méjì, ikọ́ mú un, bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú ni yóò máa mí gúlegúle. Bí mo bá ní n kò lè dúró de ọkọ̀, Alhaji á ní kí n kúkú máa lọ sílé. Bàbá Oyètúndé rí mi níbi tí mo ti ń sunkún. Apá kejì ni òun wà. Ní ìrọ̀lẹ́ tí ọkọ̀ bá kàn mí, òun ti gbé àtẹ tirẹ̀ sílẹ̀ láti aago mẹ́fà.

Ó ní, “Gbé àtẹ fún mi. Lọ gbé ọmọ rẹ.”

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló fi gbé e fún mi, ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ tí ọkọ̀ bá kàn mí. Yóò dúró de ọkọ̀ ní ìpẹ̀kun ibùdókọ̀ tó ṣókùnkùn, níbi tí àwọn méjì tó kù ní apá mi kò ti lè rí i, títí di aago mẹ́wàá, yóò sì wà nídìí ààrò ní aago méjì. Bó bá dé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, á fa ilà mẹ́wàá sí abẹ́ orúkọ mi, ilà mẹ́fà sí tirẹ̀. Mo mọ̀. Kí n má purọ́ fún yín, mo mọ̀ dáadáa. Mo ń rí ojú rẹ̀ tó ń pọ́n, mo ń sọ fún ara mi pé ọ̀la ni n óò ní ó tó.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, mo gbóòórùn ohun tó jóná kí n tó dé ẹnu ọ̀nà ilé búrẹ́dì. Ọgọ́fà búrẹ́dì ti dúdú bí èédú. Bàbá Oyètúndé jókòó sórí igi ìdáná, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ó ti ti páànù wọlé tán kí oorun tó gbé e lọ, àwọn méjì tó kù ní apá tirẹ̀ sì wà ní kànga, wọ́n ń fọ ọpọ́n.

Alhaji kò pariwo. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló lọ. Ó ka ilà tó wà lábẹ́ orúkọ Bàbá Oyètúndé, ó ní mẹ́fà. Ó ka láti aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ dé aago méjì òru lórí ìka, ó ní mẹ́jọ.

Ó ní, “Ẹ ti sùn fún wákàtí mẹ́jọ, ẹ tún sùn nídìí ààrò mi. Àṣé ìsinmi yìí ló ń sọ yín dọ̀lẹ. Àbí irọ́ ni ilẹ̀kùn ń pa?”

Bàbá Oyètúndé kò wo ọ̀dọ̀ mi. Ó ní ilẹ̀kùn kò purọ́.

Ẹnu mi wà níbẹ̀. Gbólóhùn kan péré ló kù kí n sọ. Mo ro ti ọmọ tó wà lẹ́yìn mi, mo ro ti iṣẹ́ náà, mo panu mọ́. Wọ́n ní òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni wọ́n ń ra èké. Lọ́jọ́ yẹn, èmi ni mo ra èké.

Alhaji ní kí Bàbá máa lọ sílé. Lẹ́yìn tí Bàbá lọ, Alhaji fi àkísà tútù nu ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó ní láti ọjọ́ kejì, aago méjì òru ni gbogbo wa yóò máa dé, ẹni tó dúró de ọkọ̀ àti ẹni tí kò dúró. A padà síbi tí a ti ń bọ̀. Àṣàbí kò mọ ohun tí mo ṣe. Èmi ni mo mọ̀.

Ẹ̀ẹ̀kan ni mo tún rí Bàbá Oyètúndé kó tó kúrò ní Ọ̀fà. Ó ń ru ẹrù fún àwọn èrò ọkọ̀. Àtẹ wà lórí mi, Ràfátù wà lẹ́yìn mi, ojú mi ń ṣú fún àìsùn. Ó dúró, ó ra búrẹ́dì onípẹ́ńnì kan, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ bó ṣe máa ń ṣe, ó sì wo ojú mi pẹ́.

Ó ní, “Àríkẹ́, wákàtí mélòó lo sùn lánàá?”

Mo ní, “Mẹ́jọ ni, Bàbá.”

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ó dára bẹ́ẹ̀, pé ó kéré tán, ètò náà ṣì wà. Ó gbé ẹrù rẹ̀, ó lọ.